Ẹ̀tọ́ èrò nígbà tí wọ́n bá fagi lé ìrìnàjò bàálù

Àwọn kan ń sọ pé: “Bí wọ́n bá fagi lé bàálù yín ní Àkúrẹ́, ẹ ò lè gba owó padà. Ọjọ́ tí wọ́n bá sún un sí náà lẹ máa gbà.”

Ẹ̀yin ará wa, òfin NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnàjò ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, kò sọ bẹ́ẹ̀, nítorí èrò ló ni yíyàn: ó lè gba gbogbo owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà, tàbí kó wọ bàálù mìíràn tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, bí àyè bá wà.

Bí ẹni tó san 100,000 náírà láti Àkúrẹ́ sí Àbújá bá gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò pé kò sí bàálù mọ́, owó rẹ̀ yóò padà, lójú ẹsẹ̀ bó bá san án lówó, láàárín ọjọ́ 14 bó bá gba báńkì san án. Nítorí pé wọn kò sọ fún un ní wákàtí 24 ṣáájú, gbà-má-bínú ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 25,000 náírà, tún tọ́ sí i, àfi bí ilé-iṣẹ́ náà bá fi ẹ̀rí hàn pé ohun tó kọjá agbára wọn, bí ojú ọjọ́ tó burú, ló fà á.

Ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì àti àtẹ̀jíṣẹ́ ìfagilé náà, kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ka NCAA tó ń dáàbò bo èrò.