Dẹ́ẹ̀dìsóònù 0 kọ́ ló ń jẹ́ kí ìbọn gún

“Ẹ gbé dẹ́ẹ̀dìsóònù yín sí 0, ìbọn yín ò ní tàsé mọ́.”

Irọ́ ni o jàre. Dẹ́ẹ̀dìsóònù ni ibi kékeré láàárín sítíìkì pádì tí géèmù ò ní kà sí, torí sítíìkì tó ti pẹ́ kì í padà sáàárín gan-an. Àbúrò mi kan l'Ádó gbé pádì tòkunbọ̀ ẹ̀ sí 0, ó gbọ́wọ́ kúrò, àmì ìbọn bá ń yọ́ lọ sápá òsì fúnra ẹ̀ (ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni!). Mo ní kó máa fi 0.01 kún un, kó máa yí sítíìkì ká kó sì jù ú sílẹ̀ kó wò ó, nígbà tó dé 0.06 ó dúró, a wá fi sí 0.07.

Tó bá jẹ́ pé ìbọn yín ń fò kọjá ọ̀tá ni, kọ́ọ̀fù lẹ máa wò, ìyẹn bí géèmù ṣe ń sọ ibi tẹ́ ẹ ti sítíìkì dé di eré. Nínú Linear, tẹ́ ẹ bá ti sítíìkì dé ìdajì, ìdajì eré lẹ máa rí. Nínú èyí tó ń sọ nọ́ńbà di ìlọ́po ara ẹ̀, 0.5 × 0.5 = 0.25 ni, ìdá kan nínú mẹ́rin péré, àtàǹpàkò á wá ráyè ṣe díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ pádì tí dẹ́ẹ̀dìsóònù ẹ̀ bá ní láti tó 0.25 kí àmì ìbọn tó dúró, sítíìkì ẹ̀ ti gbó nìyẹn.