Ìgbà tí erin máa ń hàn ní Yankari

“Oṣù Keje àti Ìkẹjọ ló dáa jù láti lọ wo ẹranko ní Yankari, ọgbà ẹranko tó wà ní Ìpínlẹ̀ Bauchi. Omi pọ̀, ẹranko á kún etí odò. Owó géètì nìkan lẹ máa san.”

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí ti ń káàkiri Ìlọrin, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó rọ ẹranko lọ́rùn yàtọ̀ sí ìgbà tí èèyàn lè fojú rí wọn.

Lásìkò òjò, gbogbo kòtò ló lómi, erin ò nídìí tó fi máa wá sódò. Koríko á ga bí oko bàbà tó ti yọrí. Erin lè dúró lẹ́bàá ọ̀nà kẹ́ ẹ má rí i, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan lẹ máa bá nínú ẹrẹ̀.

Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, kòtò á gbẹ, koríko á jóná, erin á wá máa ya lọ sí odò Gájì tó gba inú ọgbà náà kọjá. Oṣù Kejìlá sí Ìkẹrin nìyẹn. Èmi á mú Oṣù Kejì sí Ìkẹta, ooru mú lóòótọ́, àmọ́ kùrukùru ọyẹ́ ti ń dínkù.

Ẹ pe ọgbà náà, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni wọ́n rí erin kẹ́yìn, àti níbo.

Owó géètì kàn jẹ́ owó àtiwọlé ni. Ọkọ̀ tó ń wọ igbó àti amọ̀nà ń bẹ lọ́tọ̀. Ẹ béèrè bóyá orí ọkọ̀ ni wọ́n ń kà tàbí orí èèyàn. Ẹ fi yàrá, oúnjẹ, epo àlọ àtàbọ̀, àti ibi tẹ́ ẹ máa sùn lójú ọ̀nà kún un.

Ọgbà ẹranko Kainji sún mọ́ wa ju Yankari lọ, ṣùgbọ́n àwọn agbébọn ti wọ igbó ibẹ̀. Mi ò ní kó ọmọ ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀ báyìí.