Ìpara tí kò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lórí àtẹ

Ike ìpara kan wà lórí tábìlì wa bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa ló rà á lọ́wọ́ ìyá kan tó ń po ìpara nínú ọjà kan l'Ékòó, ojú rẹ̀ ni ìyá náà sì ṣe pò ó. Ó bu ìpara ara lásán sínú abọ́, ó fún túùbù mẹ́ta sí i títí wọ́n fi gbẹ, ó da omi inú ìgò kékeré kan lé e lórí, ó wá fi igi rò ó pọ̀ kó tó kó o sínú ike. "Ọ̀sẹ̀ méjì péré, àǹtí mi," ló wí, "wọ́n á máa bi yín pé ìlú òyìnbó wo lẹ ti dé." Kò sí àkọsílẹ̀ kankan lára ike náà. Kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é, kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kò sí orúkọ èròjà kan ṣoṣo.

Àwọn túùbù tí ìyá yìí jù sílẹ̀ ló sọ ohun tí ike náà fi pamọ́ fún wa. Méjì nínú wọn jẹ́ 30 gíráàmù ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ clobetasol propionate 0.05% sí wọn lára. Lára ẹ̀kẹta ni wọ́n kọ hydroquinone sí. Ìgò omi yẹn ní tirẹ̀ kò ní ìwé lára rárá, nítorí náà a kò lè kà á.

Ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí kì í ṣe àṣìṣe ló kó wọn jọ.

Àwọ̀ dúdú kì í ṣe ìdọ̀tí tí ọṣẹ lè bó kúrò. Nísàlẹ̀ awọ ara wa ni ibi tí ara ti ń ṣe èròjà dúdú tí wọ́n ń pè ní mẹ́lánìn, òun ló sì ń ṣe agbòòrùn fún awọ nígbà tí oòrùn bá ń ràn. Iṣẹ́ haidirokuinóònù, ìyẹn hydroquinone ara túùbù kẹta, ni láti dí ara lọ́wọ́ kó má lè ṣe mẹ́lánìn tuntun. Iṣẹ́ yẹn kì í yá. Ó lè tó oṣù kan sí méjì kí ojú tó rí i, ó sì máa ń ta ara, kí awọ pọ́n kó sì máa yún. Bí oòrùn bá tún pa ẹni tó ń lò ó, dúdú náà á padà. Ẹni tó bá sì lò ó fún ọdún púpọ̀, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú bí ẹni tí aró ta sí lójú. Ní 1975 ni dókítà kan ti kọ̀wé nípa irú àbàwọ́n yìí lójú àwọn obìnrin ní Gúúsù Áfíríkà. Nígbà tó di 1990, orílẹ̀-èdè yẹn fòfin de haidirokuinóònù nínú ìpara ọ̀ṣọ́. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ẹni tí ọ̀ràn bá dé bá máa ń rò pé ìpara òun kò lágbára tó ni, á sì fi kún un. Oògùn tó sọ ojú rẹ̀ di dúdú náà ló tún ń fi wá ìwòsàn.

Ẹni tó ń ta ìpara kò lè dúró de oṣù méjì, oníbàárà kò sì ní fẹ́ kí ara máa ta òun. Ibẹ̀ ni sítẹ́rọ́ìdì ti wọlé. Clobetasol tó wà lára túùbù méjì yẹn wà lára àwọn sítẹ́rọ́ìdì àpara tó lágbára jù lọ. Ó máa ń fún àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín abẹ́ awọ pọ̀, ara á sì tètè dà bíi pé ó mọ́. Ó tún ń paná yíyún tí haidirokuinóònù dá sílẹ̀, kí oníbàárà lè máa sọ pé ìpara yìí mà ń bá ara òun mu o.

Àwọn dókítà kì í fi clobetasol ṣeré. Àìsàn awọ tó le ni wọ́n ń kọ ọ́ fún, kò gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kò sì gbọdọ̀ ju 50 gíráàmù lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọn kì í sì fẹ́ kó kan ojú. Ẹ wá wo ike tó wà níwájú wa. Ó gba nǹkan bí 400 gíráàmù. Àgbàlagbà tó bá fi para láti ọrùn dé ẹsẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ lè lo tó 60 gíráàmù lóòjọ́, èyí já sí pé ike yìí kò lè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Túùbù méjì tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 60 gíráàmù. Nínú ike kan ṣoṣo, ó ti kọjá ohun tí dókítà á gbà fún ẹni tí àìsàn ń ṣe, oníbàárà á sì tún padà wá ra òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. "Ọ̀sẹ̀ méjì" tí ìyá yẹn ń ṣèlérí pé ara yóò mọ́ ni ọ̀sẹ̀ méjì tí dókítà ní kí èèyàn má kọjá.

Ẹni tó bá kọjá rẹ̀, awọ rẹ̀ á fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ilà pupa á là sí itan àti abẹ́ apá, egbò kékeré kò ní tètè san, làpálàpá tó yẹ kó wà lójú kan á gba gbogbo ara. Oníṣẹ́ abẹ tó bá fẹ́ rán irú awọ bẹ́ẹ̀ máa ń rí i pé ó ń fà ya mọ́ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Èyí tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, ó sì lè mú kí ara gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe sítẹ́rọ́ìdì tirẹ̀.

A kò sọ pé oògùn méjèèjì kò wúlò. Ní 1975 kan náà, Albert Kligman, dókítà awọ ará Amẹ́ríkà, àti ẹnìkejì rẹ̀ po haidirokuinóònù, oògùn awọ mìíràn tó ń jẹ́ tirẹtínóìnì, àti sítẹ́rọ́ìdì pọ̀ fún àwọn tí àbàwọ́n dúdú mú lójú. Ojú àbàwọ́n nìkan ni wọ́n fẹ́ kí á fi kàn, fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú dókítà tó ń ṣọ́ ọ. Òun ni ọjà sọ di ìpara àràárọ̀ tí wọ́n ń fi pa ọmọdé mìíràn lára.

Ẹ̀kẹta nínú àwọn ọ̀tá yìí ni mẹ́kúrì. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń rà á, òun náà sì ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe mẹ́lánìn. Kíndìnrín ló ń bà jẹ́. Ní 1972, àwọn dókítà ní Nàìróbì ròyìn àwọn aláìsàn tí ara wọn wú nítorí pé kíndìnrín wọn ń jò. Èyí tó ju ìdajì lọ nínú wọn ló ti ń lo ìpara abóra tó ní mẹ́kúrì. Kì í sì í dúró lára ẹni tó pa á. Ó wà lára ìrọ̀rí àti aṣọ ìnura, ọmọ tí ìyá gbé pọ̀n náà ń gbà nínú rẹ̀.

Báwo ni èèyàn ṣe lè dá wọn mọ̀? Kọ́kọ́ wò ó bóyá orúkọ èròjà wà lára rẹ̀. Bí kò bá sí, dá a padà, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Bó bá wà, a gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìsàlẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú, èyí tí kò tó 1% á sì wà lẹ́yìn pátápátá, láàárín lọ́fíńdà àti àwọ̀. Clobetasol tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0.05% kò lè sí lókè, ìlà tó kẹ́yìn ló máa ń wà. Orúkọ tó bá parí sí "-sone" bíi betamethasone àti dexamethasone, tàbí "-onide" bíi fluocinonide, sítẹ́rọ́ìdì ni. Haidirokuinóònù lè farahàn bíi quinol tàbí 1,4-benzenediol. Afẹ́fẹ́ máa ń sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú, nítorí náà wọ́n sábà máa ń fi sodium metabisulfite kún un. Èròjà yìí nìkan kò tó láti dá ìpara lẹ́bi, torí ó wà nínú nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ìpara funfun bá ń pọ́n létí ìdérí, ẹ fura. Ike tó wà lórí tábìlì wa ti bẹ̀rẹ̀.

Mẹ́kúrì ló ṣòro jù, nítorí ọ̀pọ̀ kì í kọ ọ́ rárá. Bí wọ́n bá kọ ọ́, ẹ máa wá mercury, mercurous chloride, calomel, mercurio tàbí Hg. Ohun tó sábà ń tú wọn fó ni ìkìlọ̀ kékeré kan tó ní kí ìpara má kan wúrà, fàdákà tàbí alumíníọ̀mù. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ìpara ojú ń wá lára òrùka. Ìpara tó bá ṣú bí eérú nígbà tó bá rí ìmọ́lẹ̀ náà kò dára.

Láti 2001 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti lé haidirokuinóònù kúrò nínú ìpara abóra tí ẹnikẹ́ni lè rà. Gánà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2016. Amẹ́ríkà sọ ọ́ di oògùn tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ ní 2020. Òfin NAFDAC níhìn-ín kò fẹ́ kó ju 2% lọ. Àmọ́ òfin 2% kò lè mú ohun tí kò sí ìwé lára rẹ̀. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ìjọba sọ ọ́ di èèwọ̀ pátápátá láti ta ìpara tí a pò ní ojú àtẹ tí kò ní orúkọ èròjà, àti kí túùbù clobetasol kúrò lórí àtẹ alátìkè, kó padà sọ́dọ̀ apòògùn pẹ̀lú ìwé dókítà. Kí wọ́n má sì dúró lọ́dọ̀ ìyá tó ń rò ó nínú abọ́. Oúnjẹ òòjọ́ ló ń wá, kì í ṣe òun ló kó àpótí túùbù wọ̀lú. Ẹni tó ń kó o wọlé ní àpótí-àpótí, ilé ìkẹ́rù rẹ̀ kò ṣòro láti rí.

Fún ẹni tó ti ń pa irú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: ẹ má dá a dúró lójijì láì sọ fún dókítà. Bí sítẹ́rọ́ìdì bá wà nínú rẹ̀, awọ lè gbóná bí ẹni tí iná jó, ara sì lè má lágbára mọ́, kí èèyàn máa dákú. Ẹ gbé ike náà lọ sílé ìwòsàn, bó ti wù kó jẹ́, kí ẹ sọ iye ọdún tí ẹ ti lò ó láì tijú. Bí ìtọ̀ yín bá ń hó bí omi ọṣẹ, ẹ sọ ìyẹn náà, kí wọ́n lè yẹ kíndìnrín yín wò.