Kókó tí kò láwọ̀ ni kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè

"Láàbù kan n'Íkòròdú fi àwo àyẹ̀wò ìgbẹ́ ọmọ mi hàn mí. Àwọn kókó pínkì ni táífọ́ọ̀dù. Èyí tí kò láwọ̀ kò léwu."

Ẹ̀gbọ́n mi, rárá o. Kókó ni ibi tí bakitéríà ti hù tó sì ṣùpọ̀ lójú àwo. Nínú ágà Makọ́nkì, ìyẹn oúnjẹ bakitéríà tó wà nínú àwo náà, iyọ̀ òróòro àti aró kírísítà fáyólẹ́ẹ̀tì kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ bakitéríà Gíráàmù-pọ́sítífù hù. Nínú àwọn tó kù, Ẹṣẹríkíà kólì tó ń gbé nínú ìfun gbogbo wa máa ń jẹ ṣúgà láktósì inú ágà náà, á sì tú ásíìdì jáde. Tí pH bá ti wálẹ̀ kọjá 6.8, aró niútírà rẹ́ẹ̀dì á sọ kókó rẹ̀ di pínkì. Sàmónẹ́là Táífì tó ń fa táífọ́ọ̀dù kì í jẹ láktósì, torí náà kókó tirẹ̀ kì í láwọ̀.

Ká ní lẹ́yìn wákàtí 18 sí 24 ní 37 °C, pínkì kún àwo ọmọ yín, tí kókó méjì péré kò láwọ̀. Méjì yẹn gan-an ni kí wọ́n mú. Kò tíì dájú pé táífọ́ọ̀dù ni o, nítorí kókó bakitéríà mìíràn tó ń jẹ́ Prótíọ́ọ̀sì náà kì í láwọ̀. Ṣùgbọ́n Prótíọ́ọ̀sì máa ń tètè fọ́ yúríà, èròjà kan tó wà nínú ìtọ̀. Sàmónẹ́là kì í fọ́ ọ. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ṣe àyẹ̀wò yẹn.