Macaulay méjì ló wà, ẹ yéé sọ wọ́n di ẹyọ kan

Ní àárọ̀ Sátidé, àbúrò bàbá mi fi ohùn kan ránṣẹ́ sí ẹbí wa lórí Wọ́tsáàpù. Ó gùn tó ìṣẹ́jú méje. Wọ́n ní Herbert Macaulay, ẹni tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára náírà kan, ọmọ òyìnbó ni. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ ni Lord Macaulay tó dìde ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1835, tó ní òun ti rin Áfíríkà já, òun ò rí alágbe kan, òun ò rí olè kan, pé kí wọ́n ba ẹ̀kọ́ àti àṣà wa jẹ́ kí wọ́n lè rí wa mú sìn. Wọ́n wá fi kún un pé, "Bàbá ló dá ọgbẹ́ sí wa lára, ọmọ ló wá ń wò ó." Àwọn ará ilé ń pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ti fi ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kí n tó rí ibi jókòó.

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí tí mo máa gbọ́ ọ lọ́dún yìí. Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ ti mú ọkùnrin méjì tí wọn kò bára tan, ẹ ti rán wọn pọ̀ bí aṣọ àlẹ̀pọ̀.

Orúkọ tí àwọn méjèèjì ń jẹ́ ni Thomas Babington Macaulay, kò dín, kò lé. Ìkíní jẹ́ òyìnbó. Rothley Temple ní Leicestershire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1800. Ó kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ó di aṣòfin, ó sì kọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sọ ọ́ di olókìkí. Ìkejì jẹ́ ọmọ Yorùbá. Kissy, lẹ́bàá Freetown ní Sàró, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1826. Òjò Oríaré ni bàbá rẹ̀, Kílàńgbé ni ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì sì wà lára àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Ó kàwé ní Fourah Bay, ó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó di àlùfáà CMS. Ó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta kó tó dé Èkó, níbi tó ti dá ilé ẹ̀kọ́ gíráámà CMS sílẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1859. Èyí ni bàbá Herbert. Àgùntàn funfun kò sí nínú agbo yẹn.

Ohun tó yẹ kó ti pa ẹnu àwọn tó ń sọ ọ́ mọ́ ni pé òyìnbó yẹn kò bí ọmọ kankan. Kò gbéyàwó láyé rẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, Hannah àti Margaret, ni ó fi gbogbo ìfẹ́ rẹ̀ sí. Nígbà tó ń lọ sí Íńdíà, Hannah ló mú dání. Nígbà tí Hannah sì fẹ́ Charles Trevelyan níbẹ̀ ní òpin ọdún 1834, ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lóró bí ọ̀fọ̀. Nígbà tó kú, ọmọ Hannah, George Otto Trevelyan, ni ó jókòó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, torí kò sí ọmọ tí ì bá ṣe é.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ oyè. Ọdún 1857 ni wọ́n fi jẹ Baron. Oyè àjogúnbá ni oyè yẹn, láti ọ̀dọ̀ bàbá sí ọmọkùnrin tí ìyàwó ilé bí. Ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1859 ló kú, wọ́n sin ín sí Westminster Abbey, oyè náà sì parẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọdún méjì péré ló fi wà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í fi ọ̀rọ̀ oyè ṣeré: bí wọ́n bá rí ọmọ kan, tàbí ọmọ-ọmọ kan, tó lè jẹ ẹ́ lábẹ́ òfin, wọn ì bá ti pè é. Ẹni tó bá wá fẹ́ sọ fún mi pé ọmọ ìta ni, kó rántí pé ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni òyìnbó náà nígbà tí Kílàńgbé bí ọmọ tirẹ̀ ní Kissy, Lọ́ńdọ̀nù ló wà, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n gbà á wọlé sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ọmọ náà sì ní bàbá tó ní orúkọ.

Ní ti Macaulay tiwa, ilé rẹ̀ kún. Ó fẹ́ Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajàyí Crowther, ní ọdún 1854. Herbert wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Èkó ni wọ́n bí i sí ní oṣù Kọkànlá ọdún 1864. Ẹ ṣírò ọ̀rọ̀ fúnra yín. Òyìnbó tó kú ní 1859, báwo ló ṣe máa bí ọmọ ní Èkó ní 1864? Ọdún 1878 ni àlùfáà tiwa kú, ìgbóná ló pa á, Herbert sì ti lé lọ́dún mẹ́tàlá nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó sọ nílé ìgbìmọ̀ ńkọ́? Irọ́ ni, irọ́ tó sì kọ́kọ́ gba Íńdíà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ni. Nínú èyí tí wọ́n ń pín ní Íńdíà, "mo ti rin Íńdíà já" ló wà níbẹ̀; ẹnì kan ló yọ Íńdíà, tó fi Áfíríkà dípò. Ọjọ́ tí wọ́n máa ń kọ sí i ni ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1835. Lọ́jọ́ yẹn, òyìnbó náà wà ní Kàlìkátà. Ó ti wọkọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kejì 1834, oṣù Kẹfà ló tó gúnlẹ̀ sí Madras, ọdún 1838 ló tó padà sílé. Ìrìn oṣù mẹ́rin lórí omi ló wà láàárín òun àti ilé ìgbìmọ̀ yẹn. Ohun tó kọ lóòótọ́ lọ́jọ́ náà jẹ́ ìwé ìmọ̀ràn fún gómìnà àgbà, William Bentinck, lórí èdè tí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ará Íńdíà lẹ́kọ̀ọ́, ìwé náà sì burú tó fúnra rẹ̀: ó ní pẹpẹ ìwé kan ṣoṣo láti ilé ìkàwé Yúróòpù tó dára níye lórí ju gbogbo ìwé Íńdíà àti Lárúbáwá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bú u ní ohun tó máa fi bú u. Kò yẹ kó lọ hùmọ̀ tiẹ̀. Oyè Lord tí wọ́n ń pè é níbẹ̀ pàápàá kò tíì tó í jẹ fún ọdún méjìlélógún sí i. Ẹni tí wọ́n fi ń ṣe bàbá Herbert, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà, ní Sàró.

Mo mọ ibi tí ìdàrúdàpọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Zachary, bàbá òyìnbó náà, ti ṣe gómìnà ní Sàró kí ọdún 1800 tó dé, ó wà lára àwọn tó jà kí òwò ẹrú dópin, ilé iṣẹ́ òwò kan tó ń jẹ́ Macaulay àti Babington sì wà ní Freetown. Bẹ́ẹ̀ ni, ìdílé kan náà ni orúkọ náà ti wá. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹni tó yàn án fún ọmọ Òjò. Ṣùgbọ́n kí ẹ gba orúkọ ènìyàn kò túmọ̀ sí pé ẹ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní Sàró ìgbà yẹn, orúkọ òyìnbó tó ń ran ìjọ lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń fún àwọn ọmọ lọ́jọ́ ìrìbọmi. Ajàyí fúnra rẹ̀, ní oṣù Kejìlá 1825, wọ́n fún un ní orúkọ Samuel Crowther, àlùfáà kan ní Christ Church, Newgate, ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ CMS. Ṣé ẹnikẹ́ni ń sọ pé Ajàyí tó ti Òṣogùn wá jẹ́ ọmọ àlùfáà Newgate?

Mi ò kúkú mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní kí n bá ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣe ìwé ìrántí àjọ̀dún. Mo tẹ Thomas Babington Macaulay sórí fóònù, mo rí àwòrán bàbá kan tó wọ aṣọ dúdú, irun ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ gùn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ "Olùdásílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíráámà àkọ́kọ́ ní Èkó". Ìwé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni wọ́n tẹ̀. Ìyá àgbà kan ṣí i lójú mi, ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta lo gbé òyìnbó yìí sí ipò ọkọ Abigail?" Gbogbo òru ọjọ́ náà ni mo fi ń gé bébà funfun lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀.

Látìgbà náà, n kì í gba orúkọ nìkan gbọ́. Bí mo bá rí ìwé àtijọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí pé T. B. Macaulay, ọdún ni mo kọ́kọ́ ń wò. Bó bá ti kọjá 1859, òyìnbó ti bọ́ síta. Bó bá jẹ́ ní ọdún díẹ̀ ṣáájú 1859, àwọn méjèèjì ń kọ̀wé, ọdún nìkan kò lè ràn yín lọ́wọ́; ẹ wo ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ àti ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Lẹ́tà láti Abẹ́òkúta tàbí Èkó sí akọ̀wé CMS kì í ṣe ti aṣòfin. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń wá ìyàwó àti ọmọ. Níbi tí ẹ bá ti rí Abigail, ó parí. Àwọn ilé ìkàwé ńlá ti mọ èyí tipẹ́. Ọdún ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Nínú àkójọ ti Amẹ́ríkà, báyìí ni wọ́n ṣe kọ òyìnbó náà:

```
Macaulay, Thomas Babington Macaulay, Baron, 1800-1859
```

Ẹni tí ọdún rẹ̀ jẹ́ 1826 sí 1878 kò lè wọ inú ìlà yẹn, bó ti wù kí orúkọ náà bára mu tó.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré. Wọ́n dákẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tí wọ́n máa fèsì, wọ́n ní, "Ó dáa. Samuel Crowther wá jẹ́ mélòó?"

Mo ní mẹ́ta ni mo mọ̀: ti Newgate, Bíṣọ́ọ̀bù fúnra wọn, àti ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù tó ṣòwò ní Èkó. Wọn ò tíì dá mi lóhùn.