Ìdá 8 kì í bá gbogbo ọjà tí ẹ̀jẹ́ǹtì tà

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣírò kọmíṣàn fún àwọn ẹ̀jẹ́ǹtì tó ń bá wa ta ọ̀dà ilé n'Íbàdàn. Bí oṣù bá ti parí, ẹjọ́ kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Àǹtí, wọ́n rẹ́ mi jẹ." Ó máa ń dùn mí, torí pé ẹni tó fi ẹsẹ̀ rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ló ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé bí ọjà òun bá ti wọ ìpele tó ga jù, ìdá ìpele yẹn ni wọ́n máa fi ṣírò gbogbo ohun tí òun tà lóṣù náà, láti náírà àkọ́kọ́.

Bí àdéhùn tiwa ṣe rí nìyí. Lórí mílíọ̀nù 1 náírà àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ́ǹtì máa gba ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí mílíọ̀nù 2 tó tẹ̀ lé e, ìdá 5. Ohun tó bá lé ní mílíọ̀nù 3 nìkan ló ń gba ìdá 8. Owó tó ti wà ní ìpele ìsàlẹ̀ kì í tẹ̀ lé ẹ gòkè.

Ẹni tó bá ta 3,200,000 máa ń rò pé 256,000 ni òun máa gbà, ìyẹn ìdá 8 gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù àkọ́kọ́ mú 30,000 wá, mílíọ̀nù 2 tó tẹ̀ lé e mú 100,000, 200,000 tó lé sì mú 16,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 146,000. Ohun tó fi dín jẹ́ 110,000, ó sì yẹ kí ẹ fi iye yẹn sọ́kàn, torí kì í yí padà. Iye yòówù tí ẹ bá tà kọjá mílíọ̀nù 3 lábẹ́ àdéhùn yìí, ẹ fi ìdá 8 ṣírò gbogbo rẹ̀, kí ẹ yọ 110,000 kúrò, kọmíṣàn yín nìyẹn. Bó bá wà láàárín mílíọ̀nù 1 sí 3, ẹ fi ìdá 5 ṣírò rẹ̀, kí ẹ yọ 20,000. Ìṣẹ́jú kan péré lẹ fi máa mọ̀ bóyá ọ́fíìsì ṣàṣìṣe lóòótọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni owó orí ṣe ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2026. Wọn kì í gba nǹkan kan lórí 800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kí èèyàn san owó orí lé lórí lọ́dún. Ìdá 15 bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tó lé. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ 900,000, lórí 100,000 ló ti máa san 15,000.

Ìgbàgbọ́ pé ìdá tó ga jù máa bá gbogbo ọjà ń kó èèyàn sí gbèsè. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀jẹ́ǹtì wa ti ta 2,900,000 nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí oṣù parí. Ó yá owó, ó fi ra ike ọ̀dà ńlá márùn-ún fúnra rẹ̀, 30,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó lè kọjá mílíọ̀nù 3. Lójú tirẹ̀, kọmíṣàn máa fò láti 145,000 sí 244,000. Lóòótọ́, láti 125,000 ló lọ sí 134,000. Ó fi 150,000 wá 9,000. Mo dé ilé rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá àwọn ike náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ rẹ̀ jókòó sórí ọ̀kan, ó ń jẹun.

Síbẹ̀, irú àdéhùn kejì wà, tí ìdá tó ga jù máa ń bá gbogbo ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú lẹ́tà yín lẹ ti máa rí i. Bó bá ní "lórí iye tó lé", ìpele ìpele ni. Bó bá ní "lórí gbogbo ọjà oṣù", ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ béèrè ìdá 8 lórí gbogbo rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ ní kí wọ́n kọ àpẹẹrẹ kan sílẹ̀ pẹ̀lú iye owó, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún ọjà tí oníbàárà dá padà nínú irú kejì yìí: ike kan ṣoṣo lè já yín bọ́ láti ìdá 8 sí 5 lórí gbogbo iṣẹ́ oṣù kan, ó sì lè lé ní 90,000 tí ẹ máa pàdánù.

Nínú tiwa, kò le tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ́ǹtì wa yẹn dá ike mẹ́ta padà, a dá 90,000 rẹ̀ fún un, 6,000 péré la sì yọ nínú kọmíṣàn rẹ̀.