Lẹ́sìnnì aago mẹ́fà ààbọ̀ ń jẹ oorun àwọn ọmọ wa

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ tá a jọ wà l'Óṣogbo, lẹ́sìnnì àárọ̀ tí àwọn ilé ìwé kan ń fi dandan mú àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe Wáẹ́ẹ̀kì wá kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.

Ọmọbìnrin kan wà ládùúgbò wa ní Òkè-Báálẹ̀. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìyá rẹ̀ ń jí i, kó lè pọnmi, kó wẹ̀, kó sì tètè rí ọ̀kadà. Oorun kì í gbé e títí aago mọ́kànlá alẹ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: kò pé wákàtí 6. Wákàtí 8 sí 10 ni àwọn onímọ̀ oorun ní kí ọmọ ọdún 13 sí 18 máa sùn. Ká tiẹ̀ fi 8 ṣe é, láàárín ọjọ́ Ajé sí Ẹtì, gbèsè oorun ọrùn ọmọ yẹn ti lé ní wákàtí 11. Ìdí nìyẹn tó fi ń sùn di aago mẹ́wàá lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní ó ya ọ̀lẹ. Ọmọ yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ o! Oorun àsùnpẹ́ yẹn kì í sì í jẹ́ kó tètè rí oorun sùn lálẹ́ Sunday, ni ọjọ́ Ajé á bá tún le jù.

"Ṣebí kó tètè lọ sùn?" Ohun tí gbogbo wa ń sọ nìyẹn, àmọ́ ara wọn kò gbà á. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọpọlọ máa ń tú èròjà kan tó ń jẹ́ mẹlatonínì sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi sọ fún ara pé àkókò oorun ti tó. Bí ọmọ bá ti ń bàlágà, èròjà yìí máa ń pẹ́ jáde ju ti ìgbà kékeré rẹ̀ lọ. Ẹ lé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì ní aago mẹ́sàn-án, ojú rẹ̀ á ṣì là kedere. Òótọ́ ni pé fóònù ń dá kún un, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn nìkan ò lè yanjú ọ̀rọ̀ náà. Apá ìdájí sì ni oorun tí a fi ń lálàá pọ̀ sí jù, òun gan-an la sì ń gé kúrò.

Ní Seattle, l'Ámẹ́ríkà, wọ́n sún àkókò ìwọlé àwọn ilé ìwé girama láti 7:50 sí 8:45 lọ́dún 2016. Àwọn olùwádìí so ohun tó ń ka oorun mọ́ ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé méjì, kí wọ́n tó sún un àti lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò torí ẹ̀ sùn pẹ́ sí i lálẹ́. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 34 ni oorun wọn fi gùn sí i, máàkì wọn sì fi ìdá 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè. Àwọn ọmọ tí wọ́n wọ̀n lọ́dún àkọ́kọ́ kọ́ ni wọ́n wọ̀n lọ́dún kejì, nítorí náà mi ò ní sọ pé oorun nìkan ló gbé máàkì náà sókè. Ti oorun tó gùn sí i ló dá mi lójú.

Mo mọ̀ pé òbí tó fẹ́ tètè dé ọjà Ìgbọ́nà máa ń fẹ́ kọ́mọ ti jáde nílé. Kò burú, kọ́mọ jáde ní aago méje. Ẹ gbé lẹ́sìnnì náà sí ọ̀sán lẹ́yìn tí ilé ìwé bá parí, fún táàmù kan péré, kí àwọn olùkọ́ máa kọ iye ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì àkọ́kọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí àti nígbà yẹn. Tí iye náà kò bá dín kù, ẹ dá a padà sí àárọ̀, mi ò ní bá yín jà.